Ó sọ mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bọ́ sí i. Ṣé kí n san 20,000 tó tún ń béèrè yìí?

Ọmọ Ìdènà (Kétu)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Sẹ́míjàn ni mo ń gùn ní Kétu níbí, ibi tí a ti ń dúró de èrò ò jìnnà sí Àkábà Ìdènà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹnì kan tí n ò mọ̀ rí kọ̀wé sí mi lórí Wáàsáàpù. Ó ní òun ní èèyàn láàárín àwọn tó ń to bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lókè òkun, àti pé òun á fi mẹ́ta hàn mí lọ́fẹ̀ẹ́ kí n tó yọ owó kankan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní onílé á borí. Onílé borí. Lọ́jọ́bọ̀, ó ní ọ̀mì ni. Ọ̀mì ni wọ́n gbá. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ní àlejò á borí. Àlejò borí, bẹ́ẹ̀ kọ́tì àlejò yẹn ju 4 lọ o, kò sẹ́ni tó fojú sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú mo fi 15,000 fàráńkì ránṣẹ́ sí i lórí Mómó. Ó fún mi ní bọ́ọ̀lù méjì, ó ní kí n má fi owó kékeré ta á. 30,000 ni mo fi ta á, owó tó yẹ kí n san fún ẹni tó gbé alùpùpù fún mi sì ni. Ọ̀kan bọ́ sí i, èkejì já.

Nígbà tí mo pè é, kò tilẹ̀ sá fún mi. Ó ní rẹfirí ló dalẹ̀, pé inú ń bí àwọn ọ̀gá òun, wọ́n sì fẹ́ fi bọ́ọ̀lù mìíràn tu gbogbo àwa tó fara gbá a nínú. Ṣùgbọ́n kí n tó wọlé, mo ní láti fi 20,000 dúró, wọ́n á sì dá a padà fún mi tí bọ́ọ̀lù bá parí. Aago mẹ́jọ alẹ́ òní ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bú mi, ẹ dá mi lóhùn èyí: tí kò bá mọ nǹkan kan, báwo ló ṣe sọ mẹ́ta tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sí i?

Akin (Sábẹ̀ẹ́)

Àbúrò, má san fàráńkì kan. Géyímáànù ni. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n tò sílẹ̀. Èèyàn 22 ló ń sáré lórí pápá, ta ló máa bá gbogbo wọn ṣàdéhùn? Orí ló bá a ṣe é. Ẹni tó bá ń ju owó ẹyọ sókè náà lè rí ohun tó fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Bọ́bọ̀ Pápá

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní nọ́mbà ọkùnrin náà? Mẹ́ta nínú mẹ́ta kì í ṣe eré o. Èmi ní 20,000 nílẹ̀.

Atúnfóònùṣe (Àjàṣẹ́)

Bọ́bọ̀, ìwọ lọ fi omi tútù bọ́jú ná.

Ọmọ Ìdènà, mi ò ní bú ẹ, torí mo ti jẹ nínú irú owó yẹn rí. Ìtòsí ọjà Ọ̀wàńdó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Nígbà kan, oníbàárà mi kan gbé iṣẹ́ wá: kí n máa bá òun to nọ́mbà àwọn èèyàn, kí n sì máa ṣe àwòrán kúpọ́ọ̀nù tó jẹ owó. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é kí ojú tó tì mí. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọwọ́ mi ló ṣe é.

Ọkùnrin yẹn ò mọ èyí tó máa ṣẹlẹ̀. Gbogbo èyí tó lè ṣẹlẹ̀ ló sọ, ìwọ kàn gbọ́ ẹyọ kan ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni bọ́ọ̀lù lè gbà parí: kí onílé borí, kó jẹ́ ọ̀mì, kí àlejò borí. Tí nọ́mbà 900 bá wà lọ́wọ́ wa, a ó pín in sí mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 300 á gbọ́ pé onílé ni, 300 á gbọ́ pé ọ̀mì ni, 300 á gbọ́ pé àlejò ni. Ẹni yòówù kó borí, 300 nínú wọn á sọ pé ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n. Àwọn 600 tó kù, a ò ní bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́bọ̀, a ó tún 300 pín sí mẹ́ta, 100 ló máa ṣẹ́kù. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ku 33. Àwọn 33 yìí ti rí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra. Wọn ò mọ̀ pé 867 wà tí a ti já dà sọ́nà. Àárín àwọn 33 yẹn lo wà. Kò sí ẹni tó mọ nǹkan kan níbẹ̀, àfi èmi tí mo jókòó ti ìwé ajákọ, tí mo ń fa ìlà pa orúkọ.

Akin, ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé orí ni. Orí lè kọ̀, èyí kò lè kọ̀. Ká tiẹ̀ ní 20 péré ló san 15,000 nínú àwọn 33, 300,000 fàráńkì nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, àwọn 20 yẹn la tún ń pín. Èyí tó bá já nínú wọn ló máa gbọ́ pé rẹfirí dalẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹfirí yẹn, orí ìwé la kọ ọ́ sí, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹni tó ń gbé ìpè á kàn máa kà á.

Ohun kan tún wà. A kì í pín in dọ́gba nígbà gbogbo. Tí gbogbo ayé bá ti rò pé onílé á borí, tí kọ́tì rẹ̀ kéré, ibẹ̀ la máa ń kó àwọn tó pọ̀ jù sí, kí àwọn tó máa ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́ lè pọ̀. Ibi tí kọ́tì bá ti tó 4, àwọn bíi mélòó kan la máa ń sọ síbẹ̀. Tó bá wá ṣèèṣì bọ́ sí i, àwọn yẹn ló máa ń gbà wá gbọ́ jù lọ. Ìwọ lo bọ́ síbẹ̀.

Ṣe nǹkan kan fún mi. Kọ orílẹ̀-èdè tí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ti wá àti ohun tó sọ fún ẹ síbí. Bóyá ẹlòmíràn á jáde.

Ọmọ Ìdènà (Kétu)

Ìṣẹ́gun: ìpele kejì ní Tọ́kì, ó kọ « 1 ». Ọjọ́bọ̀: bọ́ọ̀lù kan ní Jọ́jíà, ó kọ « X ». Àbámẹ́ta: Fínlándì, ó kọ « 2 ». Abẹ́ ìkọ̀ọ̀kan ló ń kọ ọ́ sí pé kí n má sọ fẹ́nikẹ́ni, torí tí ọ̀rọ̀ bá tàn, wọ́n á pa òun.

N ò gbọ́ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ yẹn rí láyé mi.

Aránṣọ Pọ́bẹ̀

Mo ń ka èyí, mo sì pa ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Èmi náà gba ti Tọ́kì yẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, « 1 », ó bọ́ sí i. Lọ́jọ́bọ̀, Jọ́jíà kan náà ló fi ránṣẹ́, ẹgbẹ́ méjì kan náà. Ṣùgbọ́n « 2 » ló kọ sí mi. Wọ́n gbá ọ̀mì. Láti ọjọ́ yẹn kò kọ̀wé mọ́. Mo kí i lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn, mo ní bóyá mo ṣẹ̀ ẹ́ ni.

Ṣé ọkùnrin tó wọ kóòtù funfun, tó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ dúdú, ni àwòrán rẹ̀?

Ọmọ Ìdènà (Kétu)

Kóòtù funfun. Ọkọ̀ dúdú. Aago 11:07 àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló kọ « X » sí mi.

Aránṣọ Pọ́bẹ̀

11:09 ni tèmi. « 2 ».

Ọmọ Ìdènà (Kétu)

Háà.

Atúnfóònùṣe (Àjàṣẹ́)

Ìṣẹ́jú méjì tó wà láàárín yẹn ni ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ fi kúrò ní ọ̀wọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Mo mọ ìṣẹ́jú méjì yẹn dáadáa.

Ẹ sì rí ìdí tí kì í fi í ṣe bọ́ọ̀lù tí gbogbo wa ń wò. Tó bá sọ pé wọ́n ti to bọ́ọ̀lù ńlá kan sílẹ̀, ọgbọ̀n èèyàn á máa jiyàn rẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ á sì tú. Ti Jọ́jíà yẹn, o dá wà nínú yàrá rẹ, kò sí ẹni tó o máa bi. Ìyẹn náà ni « má sọ fẹ́nikẹ́ni » wà fún. Ikú kọ́ ló ń bà á lẹ́rù, ẹ̀rù ń bà á kí ará Kétu má bá ará Pọ́bẹ̀ pàdé.

Olùkọ́ Àgbà (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Akin, ìparí ọ̀rọ̀ rẹ dára, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n tò sílẹ̀ wà. Ní September 2010, Báháréènì bá Tógò gbá, Báháréènì sì nà wọ́n 3-0. Ìgbà tí ariwo dé Lomé ni àjọ bọ́ọ̀lù Tógò ní àwọn ò rán ẹgbẹ́ kankan lọ! Ayédèrú ni gbogbo àwọn tó wọ aṣọ Tógò lórí pápá. Olùkọ́ni Báháréènì fúnra rẹ̀ ráhùn pé wọn ò lókun tó lè gbé wọn la 90 ìṣẹ́jú já.

Ní November 2016 ẹ̀wẹ̀, Joseph Lamptey, rẹfirí ọmọ Gánà, fún Gúúsù Áfíríkà ní pẹ́nátì nígbà tí wọ́n ń bá Sẹ̀nẹ̀gàà gbá nínú ìdíje láti lọ sí Ife Àgbáyé. Ó ní ọwọ́ ni bọ́ọ̀lù kàn, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ló kàn. Gúúsù Áfíríkà borí 2-1. FIFA fòfin de ọkùnrin náà títí ayé ní 2017, wọ́n ní kí wọ́n tún bọ́ọ̀lù náà gbá, Sẹ̀nẹ̀gàà sì borí 2-0.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò níbẹ̀ ni ohun tó tú u fó. Àwọn tó ń ṣọ́ ọjà tẹ́tẹ́ rí i pé owó ń wọlé lọ́nà tí kò bá bí eré ṣe ń lọ mu. Bí ọ̀pọ̀ owó bá rọ́ sápá kan, kọ́tì apá yẹn á já wálẹ̀, èrè á tán níbẹ̀, olùṣọ́ náà á sì jí. Ẹni tó bá ti ra rẹfirí lóòótọ́, ohun tó máa ń gbàdúrà fún ni kí ẹlòmíràn má fi owó sí bọ́ọ̀lù náà. Ṣé òun ló máa wá máa kiri fóònù àwọn ọlọ́kadà ní Kétu, tó máa ta á ní 15,000? Ẹ gbàgbé pé kò ní ìwà rere. Kò ní jẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́.

Akin (Sábẹ̀ẹ́)

Ẹ ṣé, bàbá. Ti Tógò yẹn, n ò gbọ́ ọ rí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí èyí tí mo sọ fún àbúrò yẹn, kó má san.

Ìyá Ìbejì (Ọ̀wàńdó)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ èyí. Mi ò mọ bọ́ọ̀lù. Ata àti àlùbọ́sà ni mo ń tà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kó owó èsúsú mi, 85,000, ó ní òun fẹ́ fi ra nǹkan, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yìí ló kó o sí. Nígbà tí mo ké, ó fi fóònù hàn mí. Ó ní « Ìyá, ẹ wò ó, ọkùnrin yìí kì í já. » Tẹlẹgíráàmù ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Mo wò ó, àmì aláwọ̀ ewé ló kún ibẹ̀ láti òkè délẹ̀, n ò rí pupa kan. Ti yín yìí, ẹni tó ń kọ̀wé sí èèyàn níkọ̀kọ̀ ni. Ti ọmọ tèmi, ìta gbangba ni, èèyàn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀. Kí ni mo lè fi hàn án? Tí mo bá ní irọ́ ni, á ní mi ò kàwé.

Atúnfóònùṣe (Àjàṣẹ́)

Ìyá, ẹ kú àdánù o. Ìbéèrè yín dáa, torí ti ìta gbangba yẹn kò ní ohun tó ń pín èèyàn. Píparẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ẹ ní kí ọmọ yín obìnrin bá yín ṣí ṣánẹ́ẹ̀lì náà. Lórí Tẹlẹgíráàmù, gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé sí ṣánẹ́ẹ̀lì ló ní nọ́mbà, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ara wọn. Kó tẹ ọ̀kan, kó mú « Copier le lien », kó lẹ̀ ẹ́ síbì kan. Á rí nǹkan tó jọ èyí:

```
t.me/oruko_sanneeli/412
```

Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tó tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ 413, kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ 419, kó bi ara rẹ̀ pé níbo ni mẹ́fà tó wà láàárín wọn wà. Wọ́n ti pa wọ́n rẹ́, àwọn tó já ni. Ẹ má fi àlàfo kan ṣoṣo dájọ́ o. Bí èèyàn bá gbé àwòrán mẹ́ta síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gba nọ́mbà, bẹ́ẹ̀ ó máa hàn bí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n tí àlàfo bá ń wà láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù Àbámẹ́ta ti parí, ẹni tó ń gbálẹ̀ ni.

Kó tún wo ẹ̀gbẹ́ aago abẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èmi máa ń gbé iye góòlù kan síbẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ohunkóhun tó bá ti wá sọ́kàn mi. Tí bọ́ọ̀lù bá parí lálẹ́, mo padà síbẹ̀, mo yí i sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Aago kò ní yí padà, aago mẹ́wàá àárọ̀ ló ṣì máa wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń tú wa ni ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ kan tó máa jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago: « modifié ». Èèyàn ẹgbẹ̀rún á kà á, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Ti àwòrán kúpọ́ọ̀nù tó jẹ mílíọ̀nù, ẹ má jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, mo ṣí ojú ìwé ilé tẹ́tẹ́, mo tẹ « Inspecter », mo pa 2,000 rẹ́, mo kọ 2,000,000, mo ya àwòrán rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ rèé. Ìyá, ẹ bi ọmọ yín bóyá ọkùnrin náà ní kó kọ́kọ́ fi kóòdù òun ṣí àkáǹtì tuntun. Ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́ ló ń bá ẹni tó mú oníbàárà wá pín owó, láti inú ohun tí oníbàárà náà bá pàdánù sí wọn. Ẹ jẹ́ ká ní 25 nínú 100 ni àdéhùn. Bí ọmọ yín bá pàdánù 100,000 láàárín oṣù kan, 25,000 á wọ àpò ẹni tó sọ ibi tó máa ta fún un, kódà kó máà gba owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tààrà. Ọ̀gá mi kò bìkítà bóyá ohun tí a sọ bọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá jẹ owó gan-an ni ojú rẹ̀ máa ń kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀gá Góòlù (Ṣakẹ́tẹ́)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo wọn ló ń purọ́. Èmi ra ti ẹnì kan, iye góòlù gan-an ló sọ, 2-1. 2-1 ni wọ́n gbá! Mo fi 2,000 ta á, mo gba 18,000. Ta ló pín mi sí mẹ́ta níbẹ̀?

Atúnfóònùṣe (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Wọn ò pín yín sí mẹ́ta, mẹ́fà ni wọ́n ń pín ti iye góòlù sí. Àwọn kan á gba 1-0, àwọn kan 2-1, àwọn kan 1-1, 2-0, 0-0, 0-1. Nígbà púpọ̀, ọ̀kan nínú mẹ́fà yẹn ni bọ́ọ̀lù máa ń parí sí. Tí kò bá parí síbẹ̀, gbogbo wọn ti já nìyẹn, rẹfirí á sì tún dalẹ̀.

Ẹ gbà mí láyè kí n béèrè: ìgbà mélòó lẹ ti ra lọ́wọ́ ẹni náà, èló sì ni ẹ ń rà á?

Ọ̀gá Góòlù (Ṣakẹ́tẹ́)

10,000. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

Atúnfóònùṣe (Àjàṣẹ́)

40,000 lẹ fi rà á. Tí ẹ bá ń fi 2,000 ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, 8,000 ló tún bá a lọ. 48,000 ló jáde, 18,000 ló wọlé.

Ọ̀gá Góòlù (Ṣakẹ́tẹ́)

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n 2-1 yẹn, mo fojú mi rí i. Èyí tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá fi 5,000 ta á, a ó wò ó.

Ìyá Ìbejì (Ọ̀wàńdó)

Ọmọ mi obìnrin ṣe bí ẹ ṣe wí. Ọ̀kan jẹ́ 288, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 297. Kò sí àwòrán púpọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni. Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a fi hàn án. Kò sọ nǹkan kan. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ wa, ó wọ yàrá lọ, ó tilẹ̀kùn. Kóòdù ọkùnrin náà ló fi ṣí àkáǹtì, ó ti sọ fún àbúrò rẹ̀ tipẹ́.

Ọmọ Ìdènà (Kétu)

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. Láàárín ọ̀sán yìí, ẹnì kan kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, ó ní òun ka ọ̀rọ̀ mi níbí. Ó ní òun ń bá àwọn tó ń tọpa owó orí fóònù ṣiṣẹ́, òun lè gba 15,000 mi padà kí ilẹ̀ tó mọ́, kí n kàn fi 5,000 ránṣẹ́ kí wọ́n lè ṣí fáìlì. Orúkọ mi pẹ̀lú iye owó tó sọ pé péré.

Aránṣọ Pọ́bẹ̀

Ó ti kọ̀wé sí èmi náà o! Bẹ́ẹ̀ èmi ò sanwó fẹ́nikẹ́ni, fáìlì kí ló fẹ́ ṣí fún mi?

Olùkọ́ Àgbà (Àjàṣẹ́)

Kí o sì tún fi ọwọ́ ara rẹ fún ẹlẹ́ẹ̀kejì? Ẹni tó bá ń béèrè owó kó tó gba owó padà fún ọ, ìbátan ẹni àkọ́kọ́ ni, bí kì í bá ṣe òun fúnra rẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o tọ́jú. Má ṣe pa ìwé tí Mómó fi ránṣẹ́ sí ọ rẹ́, nọ́mbà ìdúnàádúrà wà nínú rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ya àwòrán ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ara yín sọ, kí ọjọ́ àti aago hàn, kí o tó sọ ohunkóhun fún un, torí ó lè pa tirẹ̀ rẹ́. Kó gbogbo rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ni CNIN, ṣùgbọ́n ní Kétu, àgọ́ ọlọ́pàá ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Kí Aránṣọ bá ọ lọ, tàbí kó kọ tirẹ̀ fún ọ. Ẹni méjì tó gba nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, ẹ̀rí tó lágbára nìyẹn. Ẹni tó bá dá lọ, wọ́n á kàn sọ fún un pé ó ta tẹ́tẹ́, ó já.

Atúnfóònùṣe (Àjàṣẹ́)

Òtítọ́ ni bàbá sọ, ṣùgbọ́n n ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn pa ọ́, Ọmọ Ìdènà. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, owó kì í sùn lórí fóònù. Bó bá ṣe ń wọlé ni ẹnì kan ń gbà á jáde lọ́wọ́ aṣojú Mómó. Orúkọ tó sì máa ń hàn, ti màmá àgbà kan lábúlé ni, tó ta káàdì fóònù rẹ̀ tàbí tí wọ́n bá a rà á lórúkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n má ka 15,000 yẹn mọ́ owó alùpùpù.

Akin (Sábẹ̀ẹ́)

Ìwọ Atúnfóònùṣe, ó tún wá jọ mí lójú. Oṣù mẹ́jọ lo fi bá wọn jẹ ẹ́. Ṣé ìwọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá?

Atúnfóònùṣe (Àjàṣẹ́)

Rárá.

Bọ́bọ̀ Pápá

Mo ti fi omi bọ́jú. Mo ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: àwọn tó kàn ń ṣe ìṣirò, tí wọn ò pe ohunkóhun ní àtòsílẹ̀, tí wọ́n ń ta èrò wọn ní ẹgbẹ̀rún kan lóṣù, irọ́ náà ni?

Atúnfóònùṣe (Àjàṣẹ́)

Ìyẹn ọ̀tọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn lóòótọ́, wọ́n ń já, wọ́n sì ń fi èyí tó já hàn. N ò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé tẹ́tẹ́ ti yọ èrè tirẹ̀ sínú kọ́tì kó tó gbé e síta, èèyàn díẹ̀ ló lè là á kọjá. Èyí tó bá sì là á kọjá, mo fẹ́ mọ ìdí tó fi nílò ẹgbẹ̀rún kan rẹ.

Ọmọ Ìdènà (Kétu)

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ya gbogbo àwòrán tán kí n tó dá a lóhùn. Ó pè mí ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, n ò gbé e. Ó kọ̀wé pé àyè kan ṣoṣo ló kù. Mo kọ ọ́ sí i pé: « Kí ló dé tí ẹ sọ pé X fún mi lọ́jọ́bọ̀ tí ẹ sọ pé 2 fún ará Pọ́bẹ̀? » Àmì búlúù méjì jáde, ó ti kà á. Lẹ́yìn náà àwòrán kóòtù funfun yẹn pòórá, ó ti dí ọ̀nà mi pa.

Mo ti lọ bá ẹni tó ni alùpùpù. Ó fún mi di ọjọ́ Àìkú. Aránṣọ ti gbà pé òun á bá mi dé àgọ́ ọlọ́pàá lọ́la, wọ́n ń ná ọjà níbí, ó ti fẹ́ wá ra aṣọ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá ní ẹrù láti Kétu sí Pọ́bẹ̀ tàbí Ṣakẹ́tẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì tàbí Àbámẹ́ta, kó kọ̀wé sí mi. N ò ní gba ju iye tí gbogbo èèyàn ń gbà lọ. Mo nílò 30,000.